Ìlà Tó Ń Tọ́ka Ibi Tí Omi Ń Lọ

Ìwé sọ́fè tó wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ onílẹ̀ n'Íbàdàn kì í sọ ohunkóhun nípa òkè àti ìsàlẹ̀. Ó ń sọ ibi tí òpó bíkìn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà, bí ọ̀kan ṣe jìnnà sí èkejì, àti orúkọ ẹni tó ni ilẹ̀. Ìyẹn tó fún agbẹjọ́rò, ó sì tó fún báńkì. Kò tó fún ẹnjiníà tó fẹ́ mọ bí ìpìlẹ̀ ilé yóò ṣe ga tó, iye yẹ̀pẹ̀ tí wọn yóò gbẹ́ àti iye tí wọn yóò kó dà, àti ọ̀nà tí àgbàrá òjò yóò gbà jáde láì wọ ilé aládùúgbò. Ìlú olókè n'Ìbàdàn, àwọn tí ojú wọn sì rí odò Ọ̀gùnpa ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980, ọjọ́ Omíyalé, kò nílò kí ẹnikẹ́ni kọ́ wọn pé omi kì í béèrè ààlà kó tó kọjá.

Pláànù tí ẹnjiníà ń béèrè yàtọ̀. Orí kọ̀mpútà ni wọ́n ti ń ṣe é, ìlà wínníwínní ló sì kún ojú rẹ̀, tí wọ́n ń wọ́ kọ́lọkọ̀lọ láti etí kan sí èkejì. Ìlà kọ̀ọ̀kan so gbogbo ibi tí gíga wọn dọ́gba pọ̀. Ìlà kọ́ńtọ̀ ni wọ́n ń pè é. Níbi tí àwọn ìlà náà bá ti fún pọ̀, ilẹ̀ dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ níbẹ̀. Níbi tí wọ́n bá ti jìnnà síra, ilẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ́jú.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ ni pé kò sí ẹni tó wọn ìlà yẹn lórí ilẹ̀. Àwọn ojúàmì díẹ̀ ni wọ́n wọ̀n. Ìlà tó wà láàárín wọn, kọ̀mpútà ló fojú bù ú. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ ká tẹ̀ lé ilẹ̀ kan láti oko títí dé ojú kọ̀mpútà, ká lè rí ibi tí ìfojúbù náà ti ń tọ̀nà àti ibi tó ti ń ṣini lọ́nà. Ètò kọ̀mpútà tí mo máa lò ni Civil 3D, ti ilé iṣẹ́ Autodesk, nítorí pé òun ni ọ̀pọ̀ ẹnjiníà tó ń ṣe títì àti gọ́tà mọ̀ jù.

Láti oko wá

Ẹ jẹ́ ká fi ilẹ̀ kan ṣe àpẹẹrẹ, ká sì jẹ́ kí nọ́ńbà rẹ̀ rọrùn. Ó fẹ̀ ní mítà 30, ó gùn ní mítà 40. Títì wà ní ìhà àríwá, níbi tó ga. Láti ibẹ̀ ló ti ń dagẹ̀rẹ̀ lọ sí gúúsù. Ẹ̀gbẹ́ ìlà-oòrùn rẹ̀ ní gọ́tà kan tí kò sí ẹni tó gbẹ́ ẹ, àgbàrá ọdún pípẹ́ ló gbẹ́ ẹ fúnra rẹ̀. Kò jìn ju sẹ̀ǹtímítà 60 lọ.

Awọnlẹ̀ yóò gbé ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta rẹ̀ kalẹ̀, ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ yóò sì máa gbé ọ̀pá tó ní dígí lórí kiri. Ibikíbi tí ọ̀pá náà bá dúró sí, ẹ̀rọ yóò kà á, yóò sì fi í pamọ́. Bí wọ́n bá padà dé ọ́fíìsì, ohun tí wọ́n bá yọ jáde nínú ẹ̀rọ kò ju fáìlì ọ̀rọ̀ lásán lọ, tó rí báyìí:

```
1,815740.000,599300.000,214.620,BKN
2,815740.000,599330.000,214.180,BKN
3,815700.000,599330.000,209.350,BKN
4,815700.000,599300.000,210.100,BKN
5,815722.000,599312.000,212.400,ILE
6,815712.000,599312.000,211.150,ILE
```

Nọ́ńbà àkọ́kọ́ ni orúkọ ojúàmì náà. Èkejì sọ bó ṣe jìnnà sí àríwá, ẹ̀kẹta sọ bó ṣe jìnnà sí ìlà-oòrùn, ẹ̀kẹrin ni gíga rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn ni àwọn oníṣẹ́ fi ń dá nǹkan mọ̀ yàtọ̀: BKN dúró fún bíkìn, ILE dúró fún ilẹ̀ gbalasa. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ mítà.

Àwọn nọ́ńbà ńlá wọ̀nyẹn kì í ṣe àfọ̀ṣẹ. 815,740 túmọ̀ sí pé ibi yìí fi bíi kìlómítà 816 wà ní àríwá ìlà tó pín ayé sí méjì. Ti ìlà-oòrùn ní ìṣirò díẹ̀ nínú. Wọ́n pín ayé sí ọ̀nà tóóró-tóóró, ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ ní digírì 6, wọ́n sì fún ìlà tó wà láàárín ọ̀kọ̀ọ̀kan ní 500,000 kí nọ́ńbà ẹnikẹ́ni má baà di òdì. Ìbàdàn wà nínú ọ̀nà kọkànlélọ́gbọ̀n, tí ìlà àárín rẹ̀ jẹ́ digírì 3, tó gba ẹ̀bá Ìlaròó kọjá. Nítorí náà 599,300 túmọ̀ sí pé ilẹ̀ wa fi bíi kìlómítà 99 wà ní ìlà-oòrùn ìlà náà. Ọ̀pọ̀ jù lọ ilẹ̀ Yorùbá ló wà nínú ọ̀nà kan náà; ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ ní Kàbbà ti wọ ọ̀nà kejìlélọ́gbọ̀n nìyẹn, ó sì gbọ́dọ̀ yí i padà.

Kí ojúàmì kankan tó wọlé

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ lórí kọ̀mpútà kò ní ìlà kankan nínú. Ẹ ó ṣí `Edit Drawing Settings`, ẹ ó sì lọ sí `Units and Zone`. Níbẹ̀ ni ẹ ó ti sọ pé mítà lẹ fi ń wọn nǹkan, tí ẹ ó sì yan ìlànà tí nọ́ńbà inú fáìlì náà tẹ̀ lé. Ibi yìí ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ oníṣẹ́ máa ń sáré kọjá, nítorí pé bí wọn kò tilẹ̀ yan nǹkan kan, ojúàmì yóò ṣì jáde lójú kọ̀mpútà, yóò sì dà bíi pé gbogbo nǹkan dára.

Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé ìlànà méjì ló gbajúmọ̀ ní Nàìjíríà. Èyí tó ti pẹ́ ni Minna, tí wọ́n fi ìlú Minna ní ìpínlẹ̀ Niger sọ lórúkọ nítorí pé ibẹ̀ ni ojúàmì ìpìlẹ̀ rẹ̀ wà. Òun ló wà lórí ọ̀pọ̀lọpọ̀ sọ́fè àtijọ́. Èkejì ni WGS 84, èyí tí sátẹ́láìtì ń lò, òun náà sì ni fóònù ọwọ́ yín ń kà. Nọ́ńbà méjèèjì jọra gan-an lójú. Méjèèjì lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 599, méjèèjì lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 815. Ṣùgbọ́n bí a bá ka nọ́ńbà Minna bí ẹni pé WGS 84 ni, ilẹ̀ náà yóò ṣípò ní ohun tó ju 100 mítà lọ. Lójú ilẹ̀ tó fẹ̀ ní mítà 30, ìyẹn ti gba orí ilẹ̀ ẹni mẹ́ta kọjá. Ẹ̀yin tí ẹ ti fi fóònù wá bíkìn tí ẹ sì bá ara yín lẹ́yìn ilé onílé, ó ṣeé ṣe kí ìdí rẹ̀ nìyí.

Kọ̀mpútà lè yí ọ̀kan sí èkejì, kò ṣòro fún un. Ohun tí kò lè ṣe ni kó mọ èyí tí ẹ kó fún un. Orí sọ́fè tàbí lẹ́nu awọnlẹ̀ lẹ ó ti gbọ́ ìyẹn. Bí ẹ bá ti yan ìlànà tán, ẹ lè tẹ `GEOMAP`, kí àwòrán tí wọ́n yà láti òfuurufú hàn lábẹ́ iṣẹ́ yín. Bí títì tó wà nínú àwòrán bá bọ́ sí àríwá bíkìn 1 àti 2, ọkàn yín lè balẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni ẹ ó tẹ `Points from File`, tí yóò béèrè bí fáìlì náà ṣe tò. Tiwa tò báyìí: nọ́ńbà, àríwá, ìlà-oòrùn, gíga, àpèjúwe. Nínú àkọsílẹ̀ wọn, `PNEZD (comma delimited)` nìyẹn. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni `PENZD (comma delimited)` wà, tí ìlà-oòrùn ṣíwájú nínú tirẹ̀. Ẹni tó bá ṣi èyí tẹ̀ yóò gbé ilẹ̀ Ìbàdàn yìí lọ sí agbègbè Warri ní ìpínlẹ̀ Delta. Mo ti ṣe ìṣirò rẹ̀. Bí àwòrán òfuurufú bá wà lábẹ́ rẹ̀, ẹ ó rí i lójú ẹsẹ̀. Bí kò bá sí, ẹ wo bí bíkìn ṣe tò. Nínú fáìlì wa, láti 1 dé 4 ń yí lọ bí ọwọ́ aago ṣe ń yí. Bí àríwá àti ìlà-oòrùn bá ti pàárọ̀ ààyè, yóò máa yí sẹ́yìn, ilẹ̀ náà yóò sì dùbúlẹ̀ dípò kó nàró.

Bí ojúàmì ṣe ń di ilẹ̀

Ojúàmì ti wà lójú kọ̀mpútà wàyí, ṣùgbọ́n kò tíì sí ilẹ̀. Nínú `Prospector` ni ẹ ó ti yan `Create Surface`, tí ẹ ó sì sọ irú rẹ̀ di `TIN surface`. Ohun tí ètò náà ń ṣe ni pé yóò so ojúàmì kọ̀ọ̀kan mọ́ àwọn tó súnmọ́ ọn, mẹ́ta-mẹ́ta, títí gbogbo ilẹ̀ yóò fi di àkójọ onígun mẹ́ta. Ó dà bí aṣọ tí a tẹ́ sórí èèkàn tí gíga wọn kò dọ́gba: ibi tí èèkàn wà nìkan ni aṣọ ti mọ ilẹ̀, ibi yòókù, ó kàn nà tọ́ọ́rọ́ láti èèkàn kan sí èkejì.

Orí aṣọ yìí ni ìlà kọ́ńtọ̀ ti ń jáde. Ẹ wo ojúàmì 5 àti 6 nínú fáìlì wa. Mítà 10 ló wà láàárín wọn. Gíga àkọ́kọ́ jẹ́ 212.40, ti èkejì jẹ́ 211.15, èyí tó túmọ̀ sí pé ilẹ̀ fi mítà 1.25 rẹlẹ̀. Níbo ni ìlà 212 yóò gbà kọjá? Láti 212.40 dé 212 jẹ́ 0.40. Bí a bá pín 0.40 sí 1.25, yóò fún wa ní 0.32. Nítorí náà ìlà náà yóò kọjá ní mítà 3.2 sí ojúàmì 5. Bákan náà ni ìlà 211.5 yóò kọjá ní mítà 7.2. Kò sí awo kankan nínú rẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìṣirò kékeré yìí ni kọ̀mpútà ń ṣe lẹ́gbẹẹgbẹ̀rún láàárín ìṣẹ́jú àáyá, lórí ẹ̀gbẹ́ gbogbo onígun mẹ́ta.

Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí ohun tí ìṣirò náà gbà gbọ́: pé láàárín ojúàmì 5 àti 6, ilẹ̀ ń sọ̀kalẹ̀ déédéé. Bí ebè ńlá tàbí kòtò kan bá wà láàárín wọn tí ọ̀pá kò débẹ̀, kò sí nínú pláànù. Ìdí nìyẹn tí awọnlẹ̀ tó mọṣẹ́ kì í kàn fi mítà márùn-ún márùn-ún rìn bí ẹni ń gbin àgbàdo. Ó ń wo ibi tí ilẹ̀ ti yí ìwà padà, orí òkè, ẹsẹ̀ òkè, ibi tó ti ṣẹ́, ibẹ̀ ló sì ń rán ọ̀pá lọ. Ẹ ó gbọ́ ọmọ iṣẹ́ tó ń pariwo láti òkèèrè pé, "Ọ̀gá, ṣé kí n wọ inú gọ́tà ni?" Ìdáhùn ọ̀gá ni pé, "Wọ̀ ọ́. Lẹ́yìn náà kí o gun etí rẹ̀ méjèèjì."

Ọ̀rọ̀ gọ́tà yẹn gba àlàyé. Ká ní wọ́n ti ka ìsàlẹ̀ gọ́tà ní mítà mẹ́wàá mẹ́wàá, wọ́n sì ka etí ọ̀tún àti etí òsì. Bí ẹ bá kó gbogbo rẹ̀ wọlé láì sọ̀rọ̀ síwájú sí i, kọ̀mpútà kò mọ̀ pé gọ́tà ni. Yóò so ojúàmì mọ́ èyí tó súnmọ́ ọn jù. Etí ọ̀tún súnmọ́ etí òsì, mítà méjì péré; ìsàlẹ̀ kan sì jìnnà sí ìsàlẹ̀ kejì, mítà mẹ́wàá. Nítorí náà yóò na onígun mẹ́ta láti etí sí etí, yóò sì fi ilẹ̀ dí gọ́tà náà láàárín ìsàlẹ̀ kan àti èkejì. Bí ẹ ó ṣe mọ̀ ni pé àwọn òbìrí kékeré-kékeré yóò tò lẹ́sẹẹsẹ níbi tó yẹ kí gọ́tà wà. Òbìrí kọ̀ọ̀kan ń sọ fún ẹnjiníà pé omi dúró síbẹ̀, kò ṣàn. Irọ́ ni.

Àtúnṣe rẹ̀ ni pé kí ẹ fa ìlà láti ìsàlẹ̀ kan dé èkejì, kí ẹ fa òmíràn lórí etí kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú `Breaklines`. Ìlà bẹ́ẹ̀ jẹ́ òfin: kò sí onígun mẹ́ta tó gbọ́dọ̀ gba orí rẹ̀ kọjá. Lójú ẹsẹ̀ ni àwọn òbìrí náà yóò pòórá, tí ìlà kọ́ńtọ̀ yóò sì máa ṣẹ́ bíi lẹ́tà V nígbàkúùgbà tó bá ré gọ́tà kọjá, tí ṣóńṣó V náà yóò kọjú sí òkè, ibi tí omi ti ń bọ̀. Etí títì, ògiri tó ń dá ilẹ̀ dúró, ẹsẹ̀ òkè, gbogbo wọn ló ń béèrè irú ìlà yìí. Bí mo bá gba pláànù lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ohun tí mo kọ́kọ́ ń wò nìyẹn, kí n tó wo orúkọ ẹni tó ṣe é.

Ojúàmì tó yẹ kó wà nílé

Kì í ṣe gbogbo ojúàmì ló yẹ kó wọ inú ojú ilẹ̀. Orí òpó ni wọ́n ti ń ka bíkìn, orí òpó náà sì sábà máa ń yọ sókè ju ilẹ̀ lọ. Bí ẹ bá kó BKN mọ́ ILE, òkìtì kékeré yóò hù ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ilẹ̀ yín. Ẹ ya àwọn ojúàmì sí ẹgbẹ́ lábẹ́ `Point Groups`, kí ẹgbẹ́ ILE àti ti gọ́tà nìkan wọ inú ojú ilẹ̀, kí awọnlẹ̀ sì ti ka ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bíkìn kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀.

Àṣìṣe méjì mìíràn wọ́pọ̀, méjèèjì sì máa ń fi òbìrí jẹ́wọ́ ara wọn. Èkíní ni ojúàmì tí kò ní gíga, tí fáìlì wá kọ 0 síbẹ̀. Ilẹ̀ tó wà ní 212 yóò já lulẹ̀ dé 0, ìlà yóò sì fún pọ̀ yí i ká títí ibẹ̀ yóò fi dúdú. Ìyẹn kò ṣeé fara mọ́ lójú ẹnikẹ́ni. Èkejì ló burú, nítorí pé ó kéré. Ọmọ iṣẹ́ na ọ̀pá rẹ̀ láti mítà 1.5 sí mítà 2 kí dígí lè hàn lókè koríko, ó sì gbàgbé láti sọ fún ọ̀gá. Láti ibẹ̀ lọ, gbogbo ojúàmì yóò ga ju òótọ́ lọ ní ìdajì mítà. Ó lè dà bí òkè gidi. Ẹ tẹ ọ̀tún lórí ojú ilẹ̀ náà, ẹ ṣí `Surface Properties`, ẹ wo gíga tó kéré jù àti èyí tó ga jù lábẹ́ `Statistics`. Ìyẹn ń mú ti 0. Ti ọ̀pá, àfi kí ẹ wo nọ́ńbà ojúàmì: bí òkè náà bá bẹ̀rẹ̀ gẹ́lẹ́ láti ojúàmì 48, tí ó sì ń bá a lọ ní títò nọ́ńbà, ọwọ́ ènìyàn ló ṣe òkè yẹn.

Etí ilẹ̀ náà ń fẹ́ àmójútó. Kọ̀mpútà máa ń na onígun mẹ́ta gígùn tóóró láti igun kan sí èkejì níta ibi tí wọ́n wọ̀n. Ẹ fi ààlà ilẹ̀ sínú `Boundaries`, yóò gé wọn dànù.

Iye ìlà tó yẹ

Lórí ilẹ̀ wa, bí ìlà bá wà ní mítà kọ̀ọ̀kan, márùn-ún péré ni yóò jáde, láti 210 dé 214. Ní ìdajì mítà, yóò jẹ́ bíi mẹ́wàá, mo sì rò pé ìyẹn ló dára jù fún ẹni tó fẹ́ kọ́ ilé. Àwọn oníbàárà kan fẹ́ràn kí ìlà pọ̀, wọ́n gbà pé ìlà púpọ̀ ni iṣẹ́ tó péye. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ojúàmì bá jìnnà síra ní mítà mẹ́wàá, ìlà tí ẹ fà ní sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá mẹ́wàá kàn ń tún ìfojúbù kan náà sọ lẹ́ẹ̀mẹwàá ni. Bákan náà ni ètò náà lè dan ìlà kí ó rọ̀ lójú. Ó máa ń rẹwà, ṣùgbọ́n bó bá pọ̀ jù, ìlà a máa gun ara wọn, èyí tí kò lè ṣẹlẹ̀ lórí ilẹ̀ gidi, nítorí pé ibì kan ṣoṣo kò lè ní gíga méjì. Mo fẹ́ràn ìlà tó ní gígun díẹ̀ lára.

Ayàwòrán ilé ló kù. Òun ń fi mìlímítà ya ilé, awọnlẹ̀ ń fi mítà ya ilẹ̀. Bí wọ́n bá kó àwòrán ilé tó fẹ̀ ní mítà 12 wọ inú pláànù láì yí ìwọ̀n padà, ilé náà yóò fẹ̀ ní kìlómítà 12. Ẹ̀rín ni ìyẹn, gbogbo ènìyàn á sì rí i. Èyí tí wọn kì í rí ni pé ayàwòrán kan, nítorí pé nọ́ńbà ńlá ń dà á láàmú, fa gbogbo pláànù lọ sí 0,0 kí iṣẹ́ rẹ̀ lè rọrùn. Àwòrán kò yí padà rárá, ṣùgbọ́n kọọ́dínéètì ti bàjẹ́. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ fi igun ilé hàn lórí ilẹ̀, ẹ̀rọ awọnlẹ̀ kò ní rí ohun tí yóò tọ́ka sí.

Kí ẹ tó sanwó pláànù, ẹ sọ fún awọnlẹ̀ kó ka ojúàmì márùn-ún tàbí mẹ́fà síta, kó má kó wọn sínú ojú ilẹ̀. Nígbà tí gbogbo iṣẹ́ bá parí, ẹ gbé ọwọ́ kọ̀mpútà lé ibi tí ojúàmì kọ̀ọ̀kan wà, yóò sọ gíga tó rò pé ó ní. Bó bá pe ibì kan ní 211.48, tí ọ̀pá sì ti kà á sí 211.52, sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin ni ìyàtọ̀ wọn, ó dára fún ilẹ̀ koríko. Bí ìyàtọ̀ bá dé ogún sẹ̀ǹtímítà, ojúàmì kò tó ní agbègbè yẹn, kí ọmọ iṣẹ́ gbé ọ̀pá padà lọ. Ẹ sì gba fáìlì ojúàmì náà lọ́wọ́ wọn pẹ̀lú fáìlì àwòrán, kì í ṣe bébà nìkan, kí ẹnjiníà tó bá ń bọ̀ lẹ́yìn lè fi ojú ara rẹ̀ wo ibi tí wọ́n ti wọ̀n àti ibi tí wọ́n ti fojú bù.